Oníbodè Tí A Lé Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí abẹ́rẹ́ kékeré kan fi dà mí láàmú. Abẹ́rẹ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ni. Bí mo bá bọ́ sórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù, tí ọ̀nà dá, tí mo ń sáré dáadáa, abẹ́rẹ́ náà á wálẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí wọ́n kọ C sí. Bí mo bá gba Ìtawùrẹ́ gun òkè lọ sí Èfọ̀n-Alààyè, ọkọ̀ yẹn kan náà, omi yẹn kan náà, abẹ́rẹ́ á máa gòkè lọ sọ́dọ̀ H bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìgbà méjì ni mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lókè yẹn, tí mo pa iná ọkọ̀, tí mo jókòó sórí òkúta títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Mo ti náwó sí i. Mo pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Mo ní kí wọ́n fọ rédíétọ̀ nínú àti lóde. Mo ra fáànù. Mo pààrọ̀ pọ́ǹpù omi, èyí tí kò rọrùn fún àpò mi rárá lóṣù yẹn. Kò sí èyí tó yí ohunkóhun padà. Ohun tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù kì í ṣe owó. Mo fẹ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì kan ṣe lè tutù jù ní Ògèrè kó sì gbóná jù ní Èfọ̀n. Bí àìlera rẹ̀ bá jẹ́ ti ooru, kí ló dé tó fi ń tutù? Bó bá sì jẹ́ ti òtútù, kí ló ń hó lórí òkè?

Ohun kan wà tí mi ò kà sí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ̀ náà hó ní Ìwó Road. Mẹkáníìkì àdúgbò wa wá, ó tú ilé irin kékeré kan létí ẹ́ńjìnnì, ó fà nǹkan bí owó idẹ ńlá kan jáde níbẹ̀, ó sì gbé e sápò. “Tamosítáàtì nìyẹn, Àǹtí. Àwọn òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló wà fún. Nílẹ̀ tiwa tó gbóná báyìí, wàhálà lásán ni.” Ọkọ̀ ò hó mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbàgbé pé nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀.

## Ìkòkò lórí sítóòfù

Bàbá kan wà ní Agodi Géètì ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ayé àwọn ọkọ̀ ìjàpá. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi lọ. Mo rò pé wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kíá, àmọ́ ìbéèrè ni wọ́n fi pàdé mi. Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná láàárọ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé epo rẹ̀ ń tètè tán ju tàtẹ̀yìnwá lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣáà ti rò pé epo ọ̀hún ni kò dáa. Ṣé iná kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí ẹ ti ń wò láìbìkítà? Ó wà lóòótọ́, iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ òféèfèé yẹn. Ọmọ iṣẹ́ wọn fi sikánà sí abẹ́ sítíárìn, ohun tó sì jáde lójú rẹ̀ nìyí:

```
P0128
```

“Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín ti ń pariwo fọ́dún mẹ́ta,” ni Bàbá wí. “Ohun tó ń sọ ni pé òun ń retí kí omi ẹ́ńjìnnì gbóná débi tó yẹ, òun ò rí i kó débẹ̀. Ta ló yọ tamosítáàtì?”

Mo ròyìn fún wọn. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n rán ọmọ níṣẹ́, ó mú tamosítáàtì tuntun wá láti ìsọ̀ kejì. Wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan tó kún fún omi ka sítóòfù kẹrosín-ìn, wọ́n fi òwú dè é rọ̀ sínú omi kó má baà kan ìdí ìkòkò, wọ́n sì fi tẹmómítà onígíláàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n máa wò ó.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i. Ó jẹ́ irin pẹrẹsẹ roboto tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní àárín rẹ̀ ni àgékù ọ̀pá idẹ kan wà bí ìka ọwọ́, sípíríǹgì sì yí i ká. Àwo irin ńlá kan dí ojú rẹ̀ pátápátá. Ní ìsàlẹ̀, àwo kékeré mìíràn tún wà lórí ọ̀pá kan náà. Wọ́n tẹ 82 sí etí rẹ̀. Omi gbóná dé dígírì 60, kò mira. Ó dé 70, kò mira. Ó dé 80, mo ti ń rò pé ó ti bàjẹ́ nínú páálí. Nígbà tí tẹmómítà lé díẹ̀ ní 82, ìlà tíńtín kan yọ létí àwo ńlá náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú lójú oorun. Kò já, kò fò sókè. Ó ń ṣí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi ṣe ń gbóná sí i, nígbà tó fi máa dé 95, ìka kékeré lè wọ àlàfo náà. Bàbá wá bu omi tútù ife kan sínú ìkòkò. Bó ṣe ṣí, bẹ́ẹ̀ náà ló rọra padé.

“Ṣé ẹ rí i,” ni wọ́n wí, “kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹni tó pè é. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún ara rẹ̀.”

Inú ọ̀pá idẹ yẹn ni iṣẹ́ wà. Ìda ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n sì po lẹ́búlẹ́bú bàbà mọ́ ọn kí ooru lè tètè kárí rẹ̀. Bí ìda bá ń yọ́, ó máa ń wú, àyè tó wà sì há. Ó ní láti ti ohun kan. Ohun tó ń tì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé àwo sókè. Bó bá tutù, ìda sún kì, sípíríǹgì á dá àwo padà sípò. Sergius Vernet, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí jáde ní 1934. Lónìí, ìda inú idẹ yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ ayé ń lò.

## Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́

Ọ̀rọ̀ tó ṣì wá lọ́nà ni ọ̀rọ̀ “ìtutù”. Lédè wa, ohun tó tutù ló dára. Orí tútù, ilé tútù, ọ̀nà tútù, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣàdúrà. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wa láti gbà pé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tutù tó náà ni àlàáfíà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún irin. Wọ́n ti wọn písítìnì àti ilé rẹ̀ kí wọ́n lè bára mu nígbà tí irin bá ti gbóná tó sì ti fẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Óìlì náà ní bó ṣe yẹ kó ṣàn. Omi ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín dígírì 85 sí 100 ló bá gbogbo wọn lára mu.

Bí ó bá dúró ní 60 tàbí 65, kò ní hó, kò ní ké, ohun tó ń bàjẹ́ á máa bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Kọ̀ǹpútà á rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, a máa fi epo kún èyí tó ń wọ́n sínú ẹ́ńjìnnì. Omi tó máa ń jáde látinú epo tó ń jó kò ní rí ooru tó máa sọ ọ́ di oru omi jáde, inú óìlì ló máa dà sí. Bàbá ṣí ìdérí ibi tí a ti ń rọ óìlì, wọ́n fi ìka gbá inú rẹ̀, wọ́n fi hàn mí: ohun kan bí ògì pupa rádaràda tó ń fọ̀fọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fòyà, torí mo ti gbọ́ pé ògì nínú óìlì túmọ̀ sí pé gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ti jó. Wọ́n fa ọ̀pá tí a fi ń wọn óìlì jáde, wọ́n nù ún, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n fà á jáde: ó mọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ògì náà á wà lórí ọ̀pá, omi á sì máa dín nínú rédíétọ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ìdérí nìkan, òógùn ẹ́ńjìnnì tí kì í gbóná tó ni.

Ooru tí omi ń gbé kì í ṣe kékeré ṣá. Nínú agbára tó wà nínú epo tí a ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta nìkan ló ń di iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Ìdá kan ń bá èéfín lọ, ìdá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ń wọ inú omi. Bí ọkọ̀ mi bá ń fi agbára kílówáàtì 30 gun òkè, ẹ jẹ́ ká sọ pé kílówáàtì 30 náà ló ń wọ inú omi. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 30 tó gbóná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, gbogbo wọn nínú omi lítà 6. Bí kò bá sí ibi tí ooru yẹn ń jáde sí, omi náà á máa fi dígírì kan àti díẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Irin ẹ́ńjìnnì á gba díẹ̀ lára rẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ kó tó hó. Rédíétọ̀ ló ń gba ooru yìí jáde. Ọ̀pọ̀ páìpù pẹlẹbẹ ni wọ́n tò jọ sínú rẹ̀, wọ́n wá fi bébà irin tó ká bí ìwé tí a ká kí àárín wọn, kí atẹ́gùn lè ní ibi púpọ̀ tó máa fọwọ́ kàn.

Iṣẹ́ méjì tó takora nìyẹn. Rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ lágbára tó láti kojú òkè Èfọ̀n lọ́sàn-án gangan. Rédíétọ̀ yẹn kan náà, bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú títẹ́ láàárọ̀, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹnì kan ní láti máa sọ fún un pé ó tó, tàbí pé kó tẹ̀ síwájú. Oníbodè tí a lé kúrò nìyẹn.

## Ọ̀nà méjì tí omi lè gbà

Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ya ọ̀nà omi náà sórí símẹ́ńtì ìsọ̀ wọn. Pọ́ǹpù ń ti omi wọ inú búlọ́ọ̀kù. Omi ń yí ká àwọn ilé písítìnì, ó ń gòkè lọ sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, ibi tí ooru pọ̀ sí jù. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà fún un. Ọ̀kan gùn: inú họ́ọ̀sì òkè, sínú rédíétọ̀, jáde ní họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, padà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù. Èkejì kúrú: ihò kékeré kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì padà tààrà sọ́dọ̀ pọ́ǹpù, láìdé rédíétọ̀ rárá.

Láàárọ̀, oníbodè ti ọ̀nà gígùn pa. Omi ń yí po lójú ọ̀nà kúkúrú, kó lè tètè gbóná káàkiri, kó má sì sí ibì kan tó máa gbóná ju ibòmíràn lọ. Bó bá dé 82, àwo ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, omi tútù láti rédíétọ̀ wọlé díẹ̀. Omi tútù yẹn náà ló tún máa bá ìda pàdé, ìda á sún kì díẹ̀, ẹnu ọ̀nà á dín. Bí wọ́n ṣe máa bára wọn ṣe é nìyẹn títí wọ́n fi máa rí ibi tí àwọn méjèèjì gbà. Lójú títẹ́, àlàfo náà lè má ju mílímítà méjì lọ. Bí ọkọ̀ bá dé ẹsẹ̀ òkè, ooru pọ̀ sí i, ìda wú sí i, ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi máa ń dúró gbọin láàárín nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le.

Àwo kékeré tó wà nísàlẹ̀, tí mo ti rí nínú ìkòkò tí mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun ló tú àlọ́ mi. Bí àwo ńlá bá ṣe ń ṣí ọ̀nà gígùn, bẹ́ẹ̀ ni àwo kékeré ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà kúkúrú láti dí i. Ìgbà tí tamosítáàtì bá ṣí tán, ọ̀nà kúkúrú ti pa, gbogbo omi pátá ló ń gba rédíétọ̀ kọjá.

Ẹ wá wò ó bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nínú tèmi. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, lọ́sàn-án lóru. Omi kì í wá ìnira, ọ̀nà tó kúrú tó sì rọrùn ló máa ń tọ̀. Ní márosẹ̀, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fúyẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ rédíétọ̀ pọ̀, díẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ti tó láti mú ẹ́ńjìnnì tutù jù. Lórí òkè, mo ti wà ní jíà kejì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, ọkọ̀ ń rọra lọ, atẹ́gùn ò fẹ́ tó. Ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò kí gbogbo omi dé rédíétọ̀, ìgbà yẹn náà sì ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé padà sínú iná bó ṣe gbóná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òtútù Ògèrè àti ooru Èfọ̀n, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí kò bá sí tamosítáàtì, omi máa ń sáré jù nínú rédíétọ̀ débi pé kò ní ráyè tutù. Bàbá kò gbà á, èmi náà ò sì gbà á lẹ́yìn tí mo rò ó. Omi tó sáré kọjá lẹ́ẹ̀kan máa tètè tún padà wá. Kò sí ooru tó bọ́ lọ́wọ́ rédíétọ̀ nítorí eré. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni omi tí kò dé rédíétọ̀ rárá. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní àwo kékeré yẹn. Àwọn kan wà tí tamosítáàtì wọn jẹ́ aláwo kan. Irú wọn kì í sábà hó tí a bá yọ ọ́, òtútù ọlọ́jọ́ gbogbo yẹn nìkan ni wọ́n ń jẹ.

## Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ wá lára

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí bíi pé mo ń ta mẹkáníìkì àdúgbò wa lẹ́sẹ̀. Ohun tó rí ló gbà gbọ́. Tamosítáàtì máa ń kú, ibi tí ó bá sì kú sí ni yóò wà. Bí ó bá kú ní pípadé, abẹ́rẹ́ á sáré gòkè, ẹ́ńjìnnì á hó, họ́ọ̀sì òkè á gbóná janjan, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀, ó tutù. Bí ẹ bá yọ ọ́ lásìkò yẹn, ìhó á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti rí èyí ní ogún ìgbà, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i pé yíyọ ló wo ọkọ̀ sàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí kì í padà wá sọ pé ara òun ò yá. Ọkọ̀ tó tutù jù kì í padà sí ìsọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọdún kejì, ọdún kẹta ló máa tó dé, òun àti ẹ̀sùn mìíràn: epo ń tán, óìlì ń dúdú, iná ń tàn.

Èrò pé ti òyìnbó onítútù ni kò dúró bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá rán mi létí ọkọ̀ ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Ọkọ̀ yẹn ò ní rédíétọ̀, kò ní omi, atẹ́gùn ni fáànù ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Síbẹ̀, ó ní tamosítáàtì tirẹ̀ lábẹ́, tó ń ṣí tó ń pa àwọn ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà. Ooru Ìbàdàn máa ń tó bíi dígírì 34 lọ́sàn-án tó le. Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ 90. Lójú ẹ́ńjìnnì, Ìbàdàn pàápàá jìnnà sí ibi tó gbóná.

## Omi kànga

Ohun tó pa tamosítáàtì àkọ́kọ́ náà yé mi lọ́jọ́ yẹn. Omi kànga ni. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń bu omi ilé sínú rédíétọ̀. Omi kànga wa ní èròjà òkúta nínú, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù funfun. Nínú ẹ́ńjìnnì, ó lẹ̀ mọ́ àwọn páìpù rédíétọ̀, ó ń dí wọn díẹ̀díẹ̀. Omi lásán tún máa ń mú irin dípẹtà, ìpẹtà yẹn ló máa ń wọ àárín sípíríǹgì tamosítáàtì, tí yóò fi há. A bu omi tó pa á, a sì wá dá a lẹ́bi pé ó kú.

Kúláǹtì kì í ṣe omi aláwọ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Lọ́dọ̀ àwọn tí yìnyín ń bọ́ fún, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rà á fún ni kí omi má baà dì kó sì la búlọ́ọ̀kù. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ méjì mìíràn rẹ̀ la nílò. Àkọ́kọ́, oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, oògùn yẹn sì máa ń tán lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń dà á nù tí a ń rọ tuntun. Èkejì, ó ń sún ìhó síwájú. Omi lásán ń hó ní dígírì 100. Ìdérí rédíétọ̀, tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ń há ìfúnpá mọ́ omi náà, nípa bẹ́ẹ̀ kò ní hó títí á fi sún mọ́ 120. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ kúláǹtì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 130. Ìdajì náà ni mo wí o. Ẹlòmíràn á rọ kúláǹtì ogidi, ó rò pé òun ń kẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ sì ni omi ló mọ ooru gbé ju kúláǹtì lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára kèǹgbè pé wọ́n ti pò ó, kí a rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní ogidi ni, kí a fi omi tí wọ́n ti sè tí oru rẹ̀ sì ti padà di omi, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì, pò ó lọ́gbọọgba.

Ìfúnpá yẹn ló fà á tí a kì í fi í ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Omi tó wà ní dígírì 110 lábẹ́ ìdérí ò tíì hó. Bí ẹ bá yí ìdérí báyìí, tí ìfúnpá jáde, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bọ́ sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Kí a dúró títí ọwọ́ yóò fi lè dúró lórí họ́ọ̀sì òkè láìfà á kúrò. Kí a sì gbé kèǹgbè kúláǹtì jìnnà sí ọmọdé, torí ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

## Èfọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i

Bàbá fọ gbogbo ọ̀nà omi náà títí omi tó ń jáde fi mọ́, wọ́n dé tamosítáàtì padà pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ tuntun, wọ́n sì fi ihò atẹ́gùn kékeré tó wà létí rẹ̀ sókè. Wọ́n ní bí a bá fi ihò yẹn sísàlẹ̀, atẹ́gùn á há sínú ẹ́ńjìnnì, ìhó á sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rọ kúláǹtì, wọ́n tan ọkọ̀ láìde ìdérí, wọ́n ń wo bí atẹ́gùn ṣe ń hó jáde títí tí kò fi sí mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí Adó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú sikánà, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣáájú àtúnṣe, a ti kọ 64 sílẹ̀ ní márosẹ̀ àti 109 lórí òkè kí n tó dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ní ojú títẹ́ lẹ́yìn Iléṣà, 86. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà kan lójú ọ̀nà, ó gun dé 95, fáànù tàn, ó wálẹ̀ sí 90, fáànù kú. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní Ìtawùrẹ́, ọmọ náà ń pè é bí ẹni ń ka owó: 88, 91, 93, 94, 94. Ní ìkòríta tí mo ti máa ń dúró, 94 náà ló wà. Òkúta tí mo máa ń jókòó lé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò wa, mo ròyìn fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó wọ inú ìsọ̀, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Tamosítáàtì ló kún inú rẹ̀, àwọn tó ti ń yọ bọ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó ní òun ń kó wọn jọ fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní ká gbé omi kaná.

A fi wọn sínú ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ò ṣí títí omi fi hó. Méje tó kù ṣí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní ibi tí wọ́n kọ sára wọn. Ó fi páláyà mú ọ̀kan nínú wọn jáde, ó gbé e dání nígbà tí oru omi ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń padé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ́tùn-ún lósì, ó ń wá àmì tó lè jẹ́ kó rántí ọkọ̀ ẹni tó ti yọ ọ́.